Ìparí Ọ̀rọ̀ Ni Ìtumọ̀ Wà: Ráfíù, Násíbù àti Jásímù

Náháwù ni a ó jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ìwé yìí kúrò. Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ náháwù, ọ̀pọ̀ nínú wa ni orí máa ń fọ́. Ṣùgbọ́n ohun kékeré kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi hàn yín, ohùn kan péré ní ìparí ọ̀rọ̀.

Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: laa taṣrabu, àti laa taṣrab. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá sílẹ̀ bí a ṣe ń pè é. Ibi tí ohùn bá ti gùn, mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kọ gbólóhùn méjèèjì láìfi àmì sí i, bákan náà ni lẹ́tà wọn máa rí. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ń sọ pé “o kì í mu.” Ìròyìn ni. Ti èkejì ń sọ pé “má mu.” Òfin ni. Ohùn u tó wà ní ìparí ti àkọ́kọ́, tí kò sí ní ìparí ti èkejì, òun nìkan ló ya ìròyìn sọ́tọ̀ kúrò lára òfin.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń sọ yìí ni àwọn onínáhù ń pè ní fíìlù mudọ́ríì, ìyẹn èyí tí a fi ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ tàbí tó ń bọ̀. Ìtumọ̀ “mudọ́ríì” ni “èyí tó jọ nǹkan mìíràn.” Kí ló jọ? Ó jọ ọ̀rọ̀-orúkọ. Bí ìparí ọ̀rọ̀-orúkọ ṣe ń yí padà nítorí ohun tó ṣíwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni tirẹ̀ ń yí padà. Fíìlù máàdì, èyí tó ti kọjá, kì í yí báyìí. Fíìlù ámúrì, èyí tí a fi ń pàṣẹ fún ẹni tó wà níwájú wa, kì í yí bákan náà. Mudọ́ríì nìkan ló ń yí, ipò mẹ́ta ló sì ní.

Ipò kìíní ni ráfíù. Yaktubu: ó ń kọ̀wé. Ohùn u, tí a ń pè ní dọ́mà, ni àmì rẹ̀. Ráfíù kò nílò ohun tó máa mú un wá. Bí kò bá ti sí ọ̀rọ̀ kankan níwájú tó ń fa násíbù tàbí jásímù, ráfíù ni. Nínú Súrátù Fátíhà, ọ̀rọ̀ na'budu ní u ní ìparí nítorí pé kò sí ohun tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ipò kejì ni násíbù. Yaktuba: ohùn a ni àmì rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń fà á sábà máa ń jẹ́ ti ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀: ohun tí a fẹ́, ohun tí a ní lọ́kàn láti ṣe, ohun tí a sọ pé kò ní ṣẹlẹ̀. Èyí tí ẹ máa bá pàdé jù ni an, lan, kay, li tó túmọ̀ sí “kí ó lè”, àti hattaa.

Ipò kẹta ni jásímù. Yaktub: kò sí ohùn kankan ní ìparí, súkúnù ló wà níbẹ̀. Jásímù túmọ̀ sí “gígé”. A gé ohùn náà kúrò. Àwọn tó ń gé e ni lam, lammaa, li tí a fi ń pàṣẹ, laa tí a fi ń kọ̀ fún ènìyàn, àti àwọn ọ̀rọ̀ “bí” irú in, tó máa ń gé ọ̀rọ̀-ìṣe méjì lẹ́ẹ̀kan náà: in taktub aktub, bí o bá kọ̀wé, èmi náà á kọ.

Àwọn tó ti ka Ajurumíyà, ìwé kékeré tí Ibnu Ajurúmù ará ìlú Fẹ́ẹ̀sì ní ilẹ̀ Mòrókò kọ, ẹni tó kú ní ọdún 1323, máa rántí pé ó ka ọ̀rọ̀ 10 fún násíbù àti 18 fún jásímù. Ọmọ ilé kéú a máa kà wọ́n lórí bí orin. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé ẹni tó mọ 10 àti 18 lórí lè máa ṣi ìparí ọ̀rọ̀ sọ títí di ọ̀la.

Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà ní Ọ̀tà níhìn-ín. Bàbá ni, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí dáadáa. Iṣẹ́ ṣífítì ló ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan ní àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sì jọ ń wá sí ilé kéú lọ́jọ́ Àìkú. Bí ó bá ti iṣẹ́ òru dé, ojú rẹ̀ á pọ́n, ṣùgbọ́n kì í pa kíláàsì jẹ. Ó lè ka 10 àti 18 láìkọsẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo ìdánwò rẹ̀ ni báírò pupa ń kún. Lọ́jọ́ kan ó dúró dè mí lẹ́yìn kíláàsì, ó ní, “Áfáà, ẹ jẹ́ kí n máa wá gbọ́ wáàsì nìkan. Ọmọ mi ti ń ràn mí lọ́wọ́ ju bí mo ṣe ń ràn án lọ́wọ́ lọ. Ó dà bíi pé orí mi kò gba èyí mọ́.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Ẹ bá mi ka gbólóhùn yìí sókè.” Mo kọ lam yaktub fún wọn, kò kọ̀wé. Bàbá kà á sókè pé, “lamu yakitubu.” Mo ní kí wọ́n tún un kà. “Lamu yakitubu.” Orí wọn kò ní àìsàn kankan. Ahọ́n Yorùbá ló wà lẹ́nu wọn.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, nítorí pé tiwa ni ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ti bàbá nìkan. Èdè Yorùbá kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí sórí kọ́ńsónáǹtì. Bí àlejò ọ̀rọ̀ bá wọlé tó sì parí bẹ́ẹ̀, a máa ń fún un ní ohùn kan láti fi parí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe búrẹ́dì ní búrẹ́dì. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ẹ̀sìn wa fi di Ìsìláàmù lẹ́nu wa, tí ohùn u fi wà lẹ́yìn m rẹ̀. Lẹ́tà bá ló kẹ́yìn orúkọ Ànábì Yàkúbù, ẹ sì rí ohun tó tẹ̀ lé e lẹ́nu wa: u. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ bí ó bá jẹ́ orúkọ. Ṣùgbọ́n nínú yaktub, u tí ahọ́n wa fi ta wá lọ́rẹ yẹn gan-an ni àmì ráfíù. Lam ti gé u kúrò, ahọ́n wa sì tún un lẹ̀ padà. Nígbà tí bàbá bá wá fẹ́ kọ àmì sí orí rẹ̀, ohun tí etí wọn gbọ́ láti ẹnu wọn ni ọwọ́ wọn ń kọ: dọ́mà.

Nǹkan kejì tó ń pa wá láyò ni ìdúró nígbà tí a bá ń ka Àlùkùráánì. Òfin wákúfù ni pé bí a bá dúró lórí ọ̀rọ̀, a ó jù ohùn kúkúrú tó kẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ padà sínú Fátíhà. Ọ̀rọ̀ tó parí áyà karùn-ún, nasta'iinu, ráfíù ni, ṣùgbọ́n nítorí pé a máa ń dúró níbẹ̀, nasta'iin ni a ń gbọ́. Bí ènìyàn bá dúró lórí yaktubu, yaktuba àti yaktub, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa dún. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ìdúró dán ipò ọ̀rọ̀-ìṣe wò láé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ mìíràn tẹ̀ lé e kí ẹ tó tẹ́tí. Yaktubu hunaa: ó ń kọ̀wé níhìn-ín. Lan yaktuba hunaa: kò ní kọ̀wé níhìn-ín. Lam yaktub hunaa: kò kọ̀wé níhìn-ín. Báyìí, ẹ ó gbọ́ u, a, àti ẹnu tó padé lórí b.

Báwo ni ẹnu ṣe ń padé? Mo sọ fún bàbá pé kí wọ́n má tíì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yaktub. Lẹ́tà bá wà lára àwọn lẹ́tà márùn-ún tí a máa ń ta díẹ̀ bí wọ́n bá ní súkúnù, èyí tí a ń pè ní kalikala nínú tájúwídì. Títa yẹn kì í ṣe ohùn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ahọ́n rẹ̀ ti ń wá u kiri á sọ ọ́ di u. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yajlisu, ó ń jókòó. Lam yajlis: ẹ jẹ́ kí s náà máa lọ bí afẹ́fẹ́ tó ń jò lára táyà, lẹ́yìn náà kí ẹ wọ inú hunaa tààrà. Bí ẹ bá gbọ́ pé ohùn kankan wà láàrin s àti h, ẹ tún un ṣe. Ìgbà tí s bá ti dúró dáadáa ni ẹ máa wá kan yaktub: ẹ pa ètè pọ̀ lórí b, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì. Ọmọ bàbá ló ń bá wọn tẹ́tí nílé. Bí ó bá gbọ́ u, á ní, “Bàbá, Yàkúbù ti wọlé!” Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Etí nìkan kọ́ ló lè ràn wá lọ́wọ́. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà tí jásímù wọn kò ṣeé fi pamọ́, nítorí pé lẹ́tà tàbí ohùn gígùn ló ń já bọ́ nínú wọn, tí èèyàn á fojú rí i lórí ìwé. Yasuumu, ó ń gbààwẹ̀. Bí lam bá dé, ó di lam yasum, kò gbààwẹ̀: ohùn uu tó wà láàrin ti kúrú, lẹ́tà wáwù rẹ̀ sì ti lọ. Yabkii, ó ń sunkún, di lam yabki: yáù tó kẹ́yìn ti já. Yaktubuuna, wọ́n ń kọ̀wé, di lam yaktubuu: núnù ti lọ. Ẹ tún wo Súrátù Ikilásì tí gbogbo wa mọ̀ lórí. Mudọ́ríì mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí lam ṣíwájú wọn: yalid, yuulad àti yakun. Méjì àkọ́kọ́, súkúnù orí d nìkan ló sọ fún wa. Ṣùgbọ́n yakun, tó ti inú yakuunu wá, ó ti sọ wáwù rẹ̀ nù, kódà ẹni tí kò gbọ́ etí rẹ̀ dáadáa á rí i pé nǹkan kan ti gé e.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ nípa ibì kan. Nínú yaktubuuna àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, jíjá núnù ni àmì násíbù, òun náà sì ni àmì jásímù. Lan yaktubuu, lam yaktubuu: ìparí kan náà. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú nìkan ló lè sọ èwo ni fún yín.

Ìkìlọ̀ kejì: ẹ lè rí lam yaktubi-l-waladu, ọmọ náà kò kọ̀wé, kí ẹ sì máa ṣe kàyéfì pé ohùn i ti wá. Súkúnù méjì ló pàdé, ti b àti ti l tó tẹ̀ lé e, àwọn Lárúbáwá sì fi i kékeré kan là wọ́n. I yẹn kì í ṣe ipò kẹrin. Ẹ kíyè sí i pé àwọn náà ní ìgbà tí wọ́n ń fi ohùn kún ìparí ọ̀rọ̀ kí ó lè rọrùn, ṣùgbọ́n i ni wọ́n mú, kò jẹ mọ́ u tàbí a tó ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí ẹnu bàbá ti ń padé, mo wá gbé ìtumọ̀ wá, ibẹ̀ sì ni èdè Yorùbá ti di olùrànlọ́wọ́ wa. Ìyàtọ̀ tí Lárúbáwá ń ṣe yìí, àwa náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú nìkan ni a fi ń ṣe tiwa. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí ìparí padà. “Kọ” ni “kọ” ń jẹ́ níbi gbogbo. Mo ní kí bàbá fi iṣẹ́ wọn sọ ọ́, kí wọ́n sọ nípa ọ̀gá tó ń kọ orúkọ àwọn tó wá síbi iṣẹ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, a sì jọ gbé e lọ sí Lárúbáwá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

“Kì í kọ ọ́.” Laa yaktubu. Laa yìí kàn ń sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ni, kò lágbára láti yí ìparí padà, nítorí náà ráfíù dúró. “Kò kọ ọ́.” Lam yaktub. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ṣì wà ní àwọ̀ mudọ́ríì, ṣùgbọ́n lam ti gbé ìtumọ̀ rẹ̀ lọ sí ìgbà tó ti kọjá. “Kò tíì kọ ọ́.” Lammaa yaktub; “tíì” wa yẹn gan-an ni lammaa. “Kò ní kọ ọ́.” Lan yaktuba. Ẹ rí i pé “kò, kò tíì, kò ní” yàtọ̀ lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá lè ya wọ́n sọ́tọ̀ ní Yorùbá ti ní ìdajì iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

Ibi tí Yorùbá kò ti lè ṣe gbogbo rẹ̀ fún wa ni ọ̀rọ̀ “kí”. “Mo fẹ́ kí ó kọ ọ́”: uriidu an yaktuba, násíbù. “Ó jókòó kí ó lè kọ ọ́”: jalasa li-yaktuba, násíbù. “Kí ó kọ ọ́!”, tí ọ̀gá àgbà ń pàṣẹ: li-yaktub, jásímù. Ẹ wo méjì tó kẹ́yìn. Li ni, li ni. Ìparí nìkan ló sọ fún wa bóyá ìdí ni a ń sọ tàbí àṣẹ. Àmì kan tó dájú wà: bí wa tàbí fa bá ṣíwájú li ti àṣẹ, i inú rẹ̀ sábà máa ń bọ́, a ó sì gbọ́ wal-yaktub, “kí ó sì kọ ọ́.” Li ti ìdí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wa li-yaktuba ni yóò máa jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni laa. Laa yaktubu, kì í kọ ọ́. Laa yaktub, kí ó má kọ ọ́. “Kì í” àti “kí ó má” ni Yorùbá fi yà wọ́n. Lárúbáwá lo laa kan náà fún méjèèjì, ó sì fi ìyàtọ̀ sí ìparí. Ní ilé-iṣẹ́ bàbá, omi kan wà tí wọ́n fi ń tu ẹ̀rọ, tí kò dára fún mímu. Mo bi wọ́n pé, bí ẹ bá fẹ́ kìlọ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, tí Lárúbáwá nìkan ni ó gbọ́, kí lẹ máa sọ? Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n pa ètè pọ̀, wọ́n ní: “laa taṣrab.” Mo ní, bí u bá wọlé ńkọ́? Wọ́n ní, “Áfáà, mo kàn ń sọ fún un pé kì í mu ún ni. Ó lè bu u mu lójú mi.” Láti ọjọ́ yẹn, bàbá kò sọ ọ̀rọ̀ wáàsì nìkan mọ́.

Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá pàdé mudọ́ríì nínú kíkà yín, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta ní ìtẹ̀léra. Èkíní, kí ló ṣíwájú rẹ̀? Bí kò bá sí ohun tó ń fa nǹkan, ráfíù ni, ẹ kọjá. Èkejì, bí ohun tó ṣíwájú bá jẹ́ laa tàbí li, tó lè jẹ́ méjì, kí ni ìtumọ̀ gbólóhùn náà ń fẹ́: ìròyìn, ìdí, tàbí àṣẹ? Ẹ̀kẹta, ṣé ìparí náà bá ìdáhùn yín mu? Tí kò bá bá a mu, ẹ tún èkejì ṣe, nítorí pé àmì tó wà lórí ọ̀rọ̀ nínú Àlùkùráánì kò ṣì, èrò wa ló ṣì. Ẹ yọ èyí sílẹ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe tí núnù ti àwọn obìnrin bá wà lára rẹ̀, irú yaktubna, àwọn obìnrin ń kọ̀wé, ìparí rẹ̀ kì í yí padà fún ẹnikẹ́ni, bí lam dé, bí lan dé, yaktubna náà ni.

Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lálẹ́ òní pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Kí ọ̀kan sọ ọ̀kan nínú “kì í mu, kò mu, kò tíì mu, kò ní mu, kí ó má mu, kí ó mu” ní Yorùbá, kí èkejì fi yaṣrabu dá a lóhùn, kí ó sì fi hunaa tẹ̀ lé e kí ìparí lè gbọ́ sétí. Ẹni tó bá jẹ́ kí Yàkúbù wọlé níbi tí kò yẹ, ẹ jẹ́ kí ó tún un ṣe.

Kí Ọlọ́run Ọba Alláà fún wa ní òye ìwé Rẹ̀, kí Ó sì tú ahọ́n wa sílẹ̀ láti kà á bó ṣe yẹ. Àmín.